Fọ́tò Yàrá Tó Mọ́lẹ̀, Tí Kò sì Purọ́

Ọkùnrin kan wọ mọ́tò láti Òṣogbo wá sí Àkóbọ̀, Ìbàdàn, nítorí fọ́tò tí mo yà. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi, wọ́n ń wá ayálégbé sí i. Ọkùnrin náà dúró láàárín pálọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Àbúrò, ibi tó kù dà?"

Ojú tì mí. Físíìsì ni mò ń kà fún másítàsì, mo sì ti fi kámẹ́rà fóònù purọ́ láìmọ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ 0.5× kí gbogbo pálọ̀ lè wọ inú fọ́tò kan. Lẹ́ǹsì yẹn ń rí ibi tó fẹ̀ gan-an, àmọ́ ó ní láti tẹ́ gbogbo ohun tó rí sórí fọ́tò pẹlẹbẹ. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí àárín fọ́tò tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa nà án tó. Àga tó wà ní igun di bẹ́ńṣì, ògiri iwájú sì dà bíi pé ó sá sẹ́yìn. Pálọ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ wá dà bíi gbọ̀ngàn ìnáwó. Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ wá ohun róbótó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí aago ògiri. Tó bá ti di ẹyin, wọ́n ti na yàrá yẹn.

Mo padà lọ tún un yà. Mo lo 1×, mo fi ẹ̀yìn ti igun yàrá, mo gbé fóònù dúró ṣánṣán níwájú àyà mi, torí tí ẹ bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ṣe ni ògiri máa fì. Gbogbo pálọ̀ ò wọlé tán, kò sì burú. Mo ya òmíràn láti igun kejì.

Ti ìmọ́lẹ̀ ló wá ku. Fọ́tò mi àkọ́kọ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo yà á, fèrèsé pálọ̀ sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Fèrèsé funfun báláú, yàrá dúdú bí inú àpò. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, ìmọ́lẹ̀ ìta lè ju 50,000 lọ́ọ̀sì lọ (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìyẹn), kí ti inú yàrá má ju 200 lọ. Ojú wa ń yára bá méjèèjì mu, ìdí nìyẹn tí a kì í fi mọ̀. Kámẹ́rà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá rí fèrèsé tó ń tàn, ó máa rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá dín gbogbo rẹ̀ kù.

Aago méjì ọ̀sán ni mo padà wá, nígbà tí oòrùn ti kọjá sí ẹ̀yìn ilé. Mo ká kọ́tìnnì, mo sì jẹ́ kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kì í ṣe níwájú mi. Mo fi ìka tẹ ibi tó ṣókùnkùn lórí ojú fóònù, mo fa àmì oòrùn kékeré yẹn sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí mo dúró ni ibi tí mo ṣì ń rí irin fèrèsé. Tí irin bá ti pòórá, ẹ ti fà á jù. Mo tún pa gílóòbù, torí iná pupa rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Ògiri funfun á pupa lápá kan, á sì dà bí aró lápá kejì.

Fọ́tò 23 ni mo yà, mo mú 8. Lórí Wásáàpù, tí ẹ bá kó wọn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin péré ló ń hàn, ìyókù á sá pamọ́ sábẹ́ nọ́ńbà kan. Mo fi pálọ̀ ṣíwájú, torí ibẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù. Ìkejì ni pálọ̀ láti igun kejì, pẹ̀lú ilẹ̀kùn yàrá ní ṣíṣí. Ìkẹta ni yàrá fúnra rẹ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ ibi tó ń gbà wọlé. Ìkẹrin ni àjà yàrá, níbi tí òjò ti jò tó sì ti ya máàpù. Mo ya fáànù mọ́ ọn kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ilé ìdáná, balùwẹ̀, táǹkì omi àti iwájú ilé ló tẹ̀ lé e.

Màmá Àkóbọ̀ bínú. "Ṣé o fẹ́ máa lé èèyàn fún mi ni? O ò lè fi ìmọ́lẹ̀ pa á rẹ́ ni?" Mo lè pa á rẹ́ o, tí mo bá fa àmì oòrùn yẹn sókè sí i. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ rántí bọ̀dá Òṣogbo."

Ẹni mẹ́ta péré ló pè lọ́sẹ̀ yẹn. Mẹ́sàn-án ló pè lórí ti àkọ́kọ́. Obìnrin tó kọ́kọ́ dé nínú àwọn mẹ́ta náà ò tiẹ̀ dúró ní pálọ̀. Ó gba yàrá lọ tààrà, ó gbójú sókè wo àjà, ó ní, "Èyí náà nìyí. Ìgbà wo lẹ máa pààrọ̀ páànù ibẹ̀?"