Owó Tó Ti Lọ Kò Gbọdọ̀ Fa Èyí Tó Kù Lọ

Láti ọdún 1968 tí Robert Noyce àti Gordon Moore ti dá ilé-iṣẹ́ Intel sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, ṣíìpù ìrántí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ìyẹn ohun kékeré inú kọ̀ǹpútà tó máa ń di iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ mú. Òun ló sọ wọ́n di olókìkí. Àmọ́ kó tó di 1985, àwọn ilé-iṣẹ́ Japan ti ń ṣe irú ṣíìpù náà, tiwọn dára, kò sì wọ́n. Òwò ṣíìpù ìrántí wá di òfò fún Intel. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ń jiyàn lọ bí omi odò ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Lọ́dún náà, Andy Grove, tó jẹ́ ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, bi Moore, ọ̀gá àgbà, ní ìbéèrè kan. Ó ní bí ìgbìmọ̀ olùdarí bá lé àwọn méjèèjì lọ, tí wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá, kí ni onítọ̀hún yóò kọ́kọ́ ṣe? Moore kò fi falẹ̀ rárá. Ó ní ẹni náà yóò kúrò nídìí ṣíìpù ìrántí. Grove ní, kí ló wá dé tí àwọn fúnra àwọn kò fi ní ṣe é? Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ó dùn wọ́n, nítorí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́. Wọ́n wá gbájú mọ́ ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, irú èyí tí IBM ti ń lò láti 1981. Nígbà tó fi máa di 1992, kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta ṣíìpù tó Intel láyé.

Kì í ṣe pé ọ̀gá tuntun yẹn ì bá gbọ́n ju Moore àti Grove lọ. Ta ló mọ iṣẹ́ náà jù wọ́n? Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé òun kọ́ ló náwó àtẹ̀yìnwá, kò sì sí ìtìjú kankan tó ń dì í lọ́wọ́. Ohun tó kù nílẹ̀ nìkan ni yóò wò.

Owó tó ti rì ni owó tí a ti ná, tí kò tún lè padà, yálà a dúró nídìí òwò náà tàbí a kúrò. Bí a bá lọ sọ́tùn-ún, ó ti lọ. Bí a bá lọ sósì, ó ti lọ. Ohun tó bá jẹ́ bákan náà lójú ọ̀nà méjèèjì kò lè sọ èyí tó yẹ ká tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń kọ́ békìrì ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ná mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà: márùn-ún lórí ààrò àti ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, mẹ́ta lórí àtúnṣe ilé tó háyà, ọ̀kan lórí ìwé àṣẹ àti ọ̀rá búrẹ́dì. Ó ku mílíọ̀nù mẹ́rin kí iṣẹ́ tó parí, owó náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó rò pé èrè òun yóò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà lóṣù. Ṣùgbọ́n fúláwà ti gbówó lórí, békìrì mìíràn sì ti ṣí ládùúgbò. Nígbà tó tún ìṣirò ṣe, tó yọ owó fúláwà, ṣúgà, dísẹ́ẹ̀lì àti owó òṣìṣẹ́, ó rí i pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ (150,000) ni yóò máa kù lóṣù.

Bí onílé bá fún un ní ọdún mẹ́ta péré, oṣù 36 nìyẹn, èrè rẹ̀ yóò jẹ́ 5,400,000. Ká ní yóò rí mílíọ̀nù kan lórí àwọn ẹ̀rọ náà nígbà tó bá ń kó jáde, gbogbo rẹ̀ di 6,400,000. Bó bá wá dúró lónìí ńkọ́? Àwọn ẹ̀rọ náà kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ó lè tà wọ́n ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Mílíọ̀nù mẹ́rin tí kò ná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di méje. Owó méje yìí wà nílẹ̀ lónìí, èyí tó ku díẹ̀ kó tó méje sì máa ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Kó dúró ló dára jù fún un. Àwọn èèyàn yóò ní, “Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án á wá ṣòfò báyìí?” Ìdáhùn ni pé mẹ́fà nínú rẹ̀ ti lọ tẹ́lẹ̀. Píparí békìrì náà kò lè gbà á padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ náà ni pé ká máa tètè sá. Ká ní mílíọ̀nù kan péré ló kù kí iṣẹ́ parí. Bó bá dúró, yóò ní mílíọ̀nù mẹ́rin: mẹ́ta láti ara ẹ̀rọ, ọ̀kan tí kò ná. Bó bá parí rẹ̀, 6,400,000. Níbí yìí, kó parí rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní rí mílíọ̀nù mẹ́wàá tó náà padà láéláé. Ẹni tó bá ń wo àpapọ̀ owó yóò ní òfò ni, kó fi sílẹ̀, yóò sì tún ṣìnà. Owó àtẹ̀yìnwá lè tì wá síwájú láìtọ́, ó sì lè fà wá sẹ́yìn láìtọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni mímọ ohun tó ti rì gan-an. Nínú mílíọ̀nù márùn-ún ẹ̀rọ yẹn, méjì ló rì. Mẹ́ta tó ṣì lè tà kò rì, dandan ni kó wà nínú ìṣirò. Bí ìwé àdéhùn bá ní ẹni tó bá jáde yóò san owó ìtanràn, owó iwájú nìyẹn, ẹ kà á mọ́ iye tí ìjáde yóò náni. Ní ti gbèsè kóópù tí yóò san bóyá békìrì ṣí tàbí kò ṣí, kò gbè sí ọ̀nà kankan. Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Iye tí agbè yẹn tó lónìí ni kí ẹ máa ṣírò.

Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ pé owó àná ń darí yín kò ṣòro. Ẹ kọ gbogbo ìdí tí ẹ fi fẹ́ tẹ̀ síwájú sílẹ̀. Bó bá jẹ́ “mo ti ná tó báyìí”, “mo ti jìyà lé e lórí” àti “kí làwọn èèyàn máa sọ” nìkan ló wà níbẹ̀, ìdí kò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìbéèrè Grove padà sí tiyín: ká ní ẹlòmíràn ló ni békìrì yìí, tó ní kí n san mílíọ̀nù mẹ́ta kí n gbà á bó ṣe wà, kí n sì fi mẹ́rin parí rẹ̀, ṣé màá rà á? Bí ẹ kò bá ní rà á, ẹ má parí rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òwò mìíràn, ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ tí ẹ óò dúró bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì fún ẹnìkan tí kò lọ́wọ́ sí òwò náà. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún bá yín ṣírò rẹ̀, nítorí ó ṣòro fún ẹni tó náwó láti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.