Kọ Ohun Tó Sọ, Kọ Ohun Tó Ṣe

"Oníjàgídíjàgan ni aláìsàn yìí." Bí nọ́ọ̀sì bá kọ èyí sínú fáìlì, kí ni dókítà tó ń kà á máa rí dì mú? Ṣé èébú ni, àbí ẹ̀ṣẹ́?

Ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí: "Aago 2:10 òru. Mo fẹ́ wọn ìfúnpá bàbá. Wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù, wọ́n ní, 'Bí o bá tún fọwọ́ kàn mí, màá fọ́ ẹ lẹ́nu.' Wọ́n ju ife mọ́ ògiri. Kò ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń làágùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo sún sẹ́yìn, mo pe dókítà."

Òógùn àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló máa jẹ́ kí dókítà ní kí wọ́n tètè yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí bó bá wálẹ̀ jù, ó lè sọ èèyàn jẹ́jẹ́ di oníjà. Orúkọ burúkú ì bá ti bò ó mọ́lẹ̀.

Bí èébú ṣe jáde lẹ́nu gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, bó ti wù kó burú tó. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ "ó fẹ́ pa mí": èrò ọkàn nìyẹn, ojú ò rí i.