Àyẹ̀wò Ewu Oúnjẹ fún Alásè Ìgbéyàwó àti Ìsìnkú

Ẹ má ra fọ́ọ̀mù lẹ́nu géètì

Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ewu, inú ọ́fíìsì wa sì ni ẹ ti máa gbà á. Èyí tí àwọn tó ń jókòó sẹ́nu géètì ń tà ti kún tẹ́lẹ̀, àyè orúkọ alásè nìkan ló ṣófo. Ohun kan náà ló wà nínú gbogbo rẹ̀: ìbọ̀wọ́, épírọ́ọ̀nù, ìborí, omi tó mọ́. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí wòléwòlé bá bi ẹni tó mú un wá pé, "Aago mélòó lẹ sọ ìrẹsì kalẹ̀, aago mélòó sì ni àlejò tó kẹ́yìn jẹ ẹ́?" kì í rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni fọ́ọ̀mù wà fún. Àìlè dáhùn rẹ̀ ló fà á tí a fi ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà, tí wọ́n sì ń rò pé owó ni a ń wá.

Ẹ má sì dé lọ́jọ́ Ẹtì nítorí òde ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wòléwòlé gbọ́dọ̀ wá wo ibi ìdáná yín nígbà tí iná wà lábẹ́ ìkòkò. Ẹni tó ń se oúnjẹ òde nínú àgbàlá ilé rẹ̀, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́

Ẹ mú bébà kan fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan: jọ̀lọ́ọ̀fù ní tirẹ̀, ọbẹ̀ ata ní tirẹ̀, mọ́ínmọ́ín ní tirẹ̀. Ẹ to gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe sí oúnjẹ náà láti ọjà dé inú àwo, bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò pé a fẹ́ gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni ẹ ti ń gé ẹran, ẹ kọ ọ́.

Níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín: kí ló lè wọ inú oúnjẹ níbí, tàbí kí ó pọ̀ sí i níbí? Ǹjẹ́ ohun kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tí yóò pa á? Kòkòrò ara ẹran tútù ṣì máa bá iná pàdé. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí ohunkóhun mọ́ tó lè pa ewu náà, ẹ fi báírò pupa yí i ká. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa wọn ooru, tí ẹ ó sì máa kọ aago sílẹ̀ ní gbogbo òde. Fún ọ̀pọ̀ oúnjẹ, ibi pupa kì í ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́wàá ká kò ní lè ṣọ́ ìkankan nínú wọn. (Òkúta inú ẹ̀wà àti kẹrosíìnì tó dà sí àpò ìrẹsì kò gbọ́ ti iná; ibi ríra ni kí ẹ ti yẹ̀ wọ́n wò.)

Ìrẹsì

Àwọn alásè sábà máa ń yí ibi sísè ká lórí bébà ìrẹsì. Kì í ṣe ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìrẹsì bá kúrò lórí iná ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń bá ìrẹsì wá láti oko. Ó lè di hóró líle tí omi híhó kì í pa. Nígbà tí ìrẹsì jíjinná bá wá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, hóró náà á jí, á sì máa pọ̀ sí i. Bó ti ń pọ̀ ló ń da oró sínú ìrẹsì, oró yìí kì í sì í tán lórí iná. Ẹ gbé ìrẹsì náà padà sórí iná títí yóò fi jó mọ́ ìdí ìkòkò: kòkòrò lè kú, oró á wà níbẹ̀. Ìrẹsì náà lè má rùn, ó sì lè má kan. Ẹni tó jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà, nígbà míì kí wọ́n tó ká kánópì.

Nítorí náà, bí ìrẹsì bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́, "a óò tún un gbé kaná" kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tí a fẹ́ kà lórí bébà yín nìyí: ìrẹsì inú kúlà kò gbọdọ̀ bọ́ sábẹ́ 60°C. Bó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ aago tó bọ́. Láàárín wákàtí méjì, ó ṣì lè padà sórí iná títí yóò fi tó 75°C. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ bù ú fún àlejò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá pé wákàtí mẹ́rin, ẹ dà á nù.

Ẹ jẹ́ ká fi òde ìsìnkú tí a se oúnjẹ ènìyàn 300 fún ṣe àpẹẹrẹ. Onínàáwó ní kí oúnjẹ délẹ̀ ní aago 10. Alásè sọ ìrẹsì kalẹ̀ ní aago 6 àárọ̀, ó kó o sínú kúlà, ó wọ̀n ọ́n ní 88°C. Ní aago 10, ó di 71. Ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, wọn ò sì tíì lọ sí itẹ́. Ní ọ̀sán gangan, 61. Àlejò jókòó ní aago 2, wọ́n ṣì ń bu oúnjẹ ní aago 4. Ìrẹsì yìí á bọ́ sábẹ́ 60 kété lẹ́yìn aago 12, wákàtí mẹ́rin á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí tábìlì tó kẹ́yìn jẹun. Kúlà tí wọ́n ti bù dé ìdajì á sì tètè tutù ju èyí tó kún lọ.

Alásè tó wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán gangan ṣì lè gbé e padà sórí iná. Èyí tí kò wọ̀n ọ́n kò ní mọ̀. Ohun tó sàn ju méjèèjì lọ ni kí ẹ din ata jọ̀lọ́ọ̀fù ní òwúrọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó máa hó lórí iná, kí ìrẹsì sì wà ní gbígbẹ nínú àpò títí aago 11. Ẹ má bọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti òru, nítorí ìrẹsì bíbọ̀ náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

A mọ̀ pé onínàáwó á bínú bí kò bá rí kúlà ní aago 10. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìwé àdéhùn yín sọ aago tí wọ́n máa jẹun, kì í ṣe aago tí oúnjẹ máa dé. Ẹ bi wọ́n léèrè ìsìn, ìsìnkú àti fọ́tò kí ẹ tó gba owó.

Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran

Ìkòkò ńlá tí a sè lálẹ́, tí a dé, tí a ní kí ó tutù mọ́jú: àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Irú kòkòrò tó ń pọ̀ sí i níbẹ̀ sábà máa ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún, lẹ́yìn tí oníkálukú ti dé ilé. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ sè é sílẹ̀, ẹ pín in sínú abọ́ fífẹ̀ tí jíjìn rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, kí ẹ gbé abọ́ náà sínú omi oníyìnyín. Ó gbọ́dọ̀ ti 60 dé 21°C láàárín wákàtí méjì, kí ó sì dé 5°C láàárín wákàtí mẹ́rin sí i. Bí fírísà yín bá ń gbára lé iná ìjọba nìkan, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ẹ se ọbẹ̀ lọ́jọ́ òde.

Tẹmómítà

Onírin ṣóńṣó ni kí ẹ rà. Ẹ tì í bọ omi oníyìnyín wò: bí kò bá sún mọ́ 0, ẹ má lò ó. Àárín kúlà ni kí ẹ tì í bọ̀, kì í ṣe orí oúnjẹ tàbí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lọ sí kúlà mìíràn.

Ohun tí ẹ ó mú wá

Bébà oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ìwé àyẹ̀wò ara gbogbo ọmọ iṣẹ́ yín, àti àkọsílẹ̀ aago àti ooru òde méjì tó kẹ́yìn, tí ẹni tó wọ̀n ọ́n gan-an fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí ọbẹ̀ bá ta sí bébà náà, kò burú. A kò gba èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ.