Ya yàrá náà sórí ìwé kí o tó lọ ra táìlì

Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù táìlì, ì báà jẹ́ n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni gígùn àti ìbú yàrá. Ọlọ́jà á tẹ fóònù rẹ̀, á fi gígùn sọ ìbú di púpọ̀, á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí èyí tí yóò fọ́ àti èyí tí wọn yóò gé, á wá fi ohun tó wà nínú páálí kan pín in. Ìṣirò náà yá, kò sì burú. Àmọ́ ó ní ohun kan tí kò lè rí láti orí káńtà: kò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í to táìlì nínú yàrá ọ̀hún. Ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ iye táìlì tí ọ̀bẹ yóò kàn, òun náà ló sì ń sọ bóyá àgékù rẹ̀ yóò wúlò tàbí yóò di ẹ̀gbin lẹ́yìn ilé. Nítorí náà, èmi kò gbà pé òfin ni ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn. Àbá ni, yàrá kọ̀ọ̀kan ló sì yẹ kó dáhùn fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan tó gùn ní mítà 4.3, tó sì fẹ̀ ní mítà 3.7, èyí tí kò jìnnà sí yàrá oní-ẹsẹ̀-bàtà-14-sí-12 tí ọ̀pọ̀ ilé wa ní. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sikuéà mítà 15.91. Táìlì 60 sí 60 ni a fẹ́ tẹ́ síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ bo sikuéà mítà 0.36, mẹ́rin ló sì sábà máa ń wà nínú páálí, tó já sí sikuéà mítà 1.44 fún páálí kan. (Ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, torí kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń di mẹ́rin.) Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé ilẹ̀ náà, ó di 17.5. Ohun tí a ó rí tí a bá fi 1.44 pín in ni 12.15, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ta ìdajì páálí. Ọlọ́jà á ní ká gbé páálí 13, èyí tó jẹ́ táìlì 52.

Ẹ wá jẹ́ ká tò ó. Àyè sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín táìlì méjì jẹ́ mìlímítà 2, nítorí náà táìlì kan ń gba sẹ̀ǹtímítà 60.2. Bí oníṣẹ́ bá fi odindi táìlì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri, mẹ́fà ni yóò wọ ìbú yàrá, yóò sì ṣẹ́ ku àlàfo sẹ̀ǹtímítà 8.8. Méje ni yóò wọ gígùn, yóò ṣẹ́ ku 8.6. Odindi táìlì 42 nìyẹn, pẹ̀lú àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri méjì. Táìlì kan lè bí ọ̀já mẹ́fà bẹ́ẹ̀, torí náà táìlì mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ. Táìlì 45 ti parí ilẹ̀ yàrá! Lórí ìwé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó ṣòfò.

Síbẹ̀, oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kì í fẹ́ tò ó báyìí, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹwà nìkan. Ògiri wa kì í sábà gún. Bí ògiri kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 ṣe wọ́rọ́kọ́ láti igun kan dé èkejì, ọ̀já tó jẹ́ 8.8 níbí yóò di 6.8 lọ́hùn-ún, ojú ẹni tó bá wọlé yóò sì kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ṣẹ́ lábẹ́ máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé e. Ohun tí oníṣẹ́ gidi máa ń ṣe ni pé kó fa okùn gba àárín yàrá, kó sì to táìlì lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí gígé tó wà lápá ọ̀tún bá ti apá òsì mu. Nínú yàrá yìí, odindi táìlì márùn-ún ni yóò wà ní ìbú, pẹ̀lú ẹ̀gé tó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 34 lápá kọ̀ọ̀kan; ní gígùn, odindi mẹ́fà àti ẹ̀gé méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 2 kò hàn lára ẹ̀gé 34. Ṣùgbọ́n tí a bá gé 34 kúrò lára 60, ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ nǹkan bíi 25, kò sì lè tó fún ẹ̀gé mìíràn. Ẹ̀gé kọ̀ọ̀kan ti jẹ odindi táìlì kan nìyẹn. Méje ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn: táìlì 56. Ẹni tó gbé 52 wálé yóò padà sọ́jà.

Ẹnìkan lè ní, nígbà náà, pé bíbẹ̀rẹ̀ láti àárín jẹ́ àṣejù, pé ta ni yóò fi táìlì 11 ṣòfò nítorí ojú. Ibi tí ìṣirò ti yí padà nìyí, nítorí pé a kò tíì ka bèbè táìlì tó ń gba ẹsẹ̀ ògiri, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sikátìn. Àyíká yàrá náà jẹ́ mítà 16. Bí a bá yọ ẹnu ọ̀nà kúrò, ó ku nǹkan bíi 15. Bí bèbè náà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, ọ̀já 26 tó gùn ní 60 la nílò. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri ní láti gé odindi táìlì márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i fún un, iye rẹ̀ á sì di nǹkan bíi 51. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti àárín ti ní àgékù 22 nílẹ̀ tó fẹ̀ ní 25, tó sì gùn ní 60, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè bí ọ̀já méjì. Ọ̀já 44 rèé níbi tí a ti ń wá 26, àgékù yóò tún kù fún ẹnu ọ̀nà. Ìyàtọ̀ tó dà bíi táìlì 11 ti di bíi márùn-ún, ìyẹn páálí kan àti díẹ̀. Iye tí mo lè san fún yàrá tó gún nìyẹn láìbínú.

Òótọ́ ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Nínú pálọ̀ ńlá, ẹ̀gé kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi táìlì, torí náà ó sábà máa ń tó. Yàrá kékeré ni ó ti ń tàn wá jẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ògiri ti súnmọ́ ara wọn. Àwọn kan tún máa ń sọ pé kí a ra díẹ̀, kí a wá padà lọ ra ìyókù bí kò bá tó. Wo ẹ̀gbẹ́ páálí: nọ́ńbà àwọ̀ àti nọ́ńbà ìwọ̀n táìlì náà wà níbẹ̀. Táìlì tó ní orúkọ kan náà, tó sì jáde lọ́jọ́ mìíràn, lè pọ́n díẹ̀ sí i tàbí kó fi mìlímítà kan tóbi ju ti àkọ́kọ́, kò sì ní í bá a jókòó. Fún táìlì 56, páálí 14 ló pé pérépéré. Èmi yóò ra 15, kí mẹ́rin dúró fún èyí tí yóò fọ́ àti èyí tí fìtílà tàbí ìkòkò yóò já lù lọ́la, gbogbo wọn pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà.

Gọ́ọ̀mù táìlì ni owó ti ń jò jù, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi kílò 1.5 lórí sikuéà mítà kan fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn. Táìlì 60 sí 60 nílò ṣíbí eléyín ńlá, tí yóò fi gọ́ọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 5 sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ táìlì mọ́lẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kílò 7.5, tí a bá sì fi sọ 15.91 di púpọ̀, ó di bíi kílò 119, àpò mẹ́fà oní-kílò-20. Ṣùgbọ́n èyí wà fún ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan. Bí ilẹ̀ bá jin, tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ní láti fi mìlímítà 10 nípọn sí i, kílò bíi 240 ló tún wọlé, ìyẹn àpò 12 lórí mẹ́fà. Kí a fi igi gígùn tó gún dábùú ilẹ̀ káàkiri, ká wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ká tó ra àpò kan. Ibi tó bá jin, yanrìn àti sìmẹ́ńtì ni ká fi dí i tẹ́lẹ̀, kó sì gbẹ.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ló dé tí a kò fi yanrìn àti sìmẹ́ńtì tẹ́ gbogbo rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Fún táìlì alámọ̀ tó ń mu omi, ó ṣiṣẹ́, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ táìlì líle tó ń dán, èyí tí omi tó ń mu kò ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ, kò ní ihò tí sìmẹ́ńtì lè di mú. Ó lè dúró lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ, kó sì máa dún bí agbè òfìfo lọ́dún tó ń bọ̀.

Fún ìṣirò owó, ẹ jẹ́ ká lo owó àfiṣàpẹẹrẹ, kí kálukú fi ti ọjà rẹ̀ rọ́pò. Bí páálí bá jẹ́ ₦9,000, páálí 15 jẹ́ ₦135,000. Àpò gọ́ọ̀mù mẹ́fà ní ₦6,000 jẹ́ ₦36,000. Owó iṣẹ́ ní ₦2,000 lórí sikuéà mítà jẹ́ nǹkan bíi ₦32,000, bèbè ẹsẹ̀ ògiri ní ₦500 lórí mítà jẹ́ ₦7,500, sìmẹ́ńtì funfun àti ohun kéékèèké jẹ́ ₦5,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦216,000. Ẹni tó bá ná ọlọ́jà títí tó fi yọ ₦1,000 lórí páálí kan jèrè ₦15,000. Ẹni tí kò wo ilẹ̀ rẹ̀, tó sì fi àpò 12 dí kòtò, pàdánù ₦72,000.

Ní ti owó iṣẹ́, ìyàtọ̀ ₦300 lórí sikuéà mítà láàárín oníṣẹ́ méjì kò ju ₦4,800 lọ nínú yàrá yìí, tí kò tó páálí kan. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni bóyá bèbè àti gígé wà nínú iye tó dá, ta ni yóò san táìlì tó bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti bóyá yóò tẹ́ gọ́ọ̀mù kárí tàbí yóò kàn fi ìṣù márùn-ún sẹ́yìn táìlì. Ìṣù márùn-ún yá, kò sì jẹ gọ́ọ̀mù púpọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ igun rẹ̀ á ṣófo, igun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Kí a ní kó ṣí táìlì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sókè. Bí gọ́ọ̀mù bá bo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dára fún yàrá. Ilé ìwẹ̀ nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, kí a fi owó kọ́ìnì kan ilẹ̀ láti igun dé igun, ká sàmì sí èyí tó bá dún òfìfo, kí a tó san ìyókù owó rẹ̀.