Lẹ́tà Ńlá àti Kékeré Nínú Orúkọ Fódà

Lórí Linux, `Aworan` àti `aworan` jẹ́ fódà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà: 65 ni `A`, 97 sì ni `a`. Àwọn nọ́ńbà yìí gan-an ni Linux ń fi wéra. Windows àti macOS máa ń tọ́jú orúkọ bí a ṣe tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń wá a, wọn kì í ka ìyàtọ̀ lẹ́tà ńlá àti kékeré sí, àyàfi tí a bá yí ètò wọn padà.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ń fara pamọ́ sí. Ká ní ẹnì kan ń ṣe ìkànnì lórí Windows, tí fódà rẹ̀ ń jẹ́ `Aworan`, ṣùgbọ́n tó kọ èyí:

```
<img src="aworan/ile.jpg">
```

Àwòrán náà yóò hàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá gbé ìkànnì náà lọ sórí sáfà Linux, 404 ni yóò jáde, bẹ́ẹ̀ fáìlì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kí a fi àṣẹ `ls` wo orúkọ tó wà lórí sáfà, kí a sì fi wé èyí tí a kọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, kó fi lẹ́tà kékeré nìkan sọ gbogbo fódà àti fáìlì rẹ̀ lórúkọ.