Níbo Lówó Àkàrà Gbà Lọ?

Tí alákàrà bá palẹ̀ mọ́ lálẹ́, tó tú owó inú àpò, tó bá ₦1,300 níbẹ̀, ohun tó máa sọ ni pé ọjà ò mérè wá lónìí. Ìwé kékeré kan lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ó ta àkàrà ₦18,000. Ẹ̀wà gba ₦7,000, ata àti àlùbọ́sà ₦1,500, èédú ₦1,000. Ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń lo kẹ́ẹ̀gì òróró ₦15,000, nítorí náà ₦5,000 ló yẹ kó kọ sí ti òní, kó sì yọ ọ́ sọ́tọ̀ de òróró mìíràn. Bó bá kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àdánù ni ìwé máa fi hàn. Ìnáwó jẹ́ ₦14,500. Èrè jẹ́ ₦3,500.

₦2,200 yòókù ńkọ́?

Alájọ gba ₦1,000, àwọn ọmọ fi ₦700 wọkọ̀, oníbàárà kan sì ra àwìn ₦500. Bí owó ilé àti àwìn ò bá ní ojú ìwé tiwọn, ọjà ni wọ́n á máa dá lẹ́bi. Ojú ẹsẹ̀ ló sì yẹ kó kọ wọ́n, torí kó tó dalẹ́, owó omi tútù àti ti káàdì á ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.