Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ sí onílé

Ẹni tó bá kéde ilé ní Bódìjà, n'Íbàdàn, lè gba ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ lóòjọ́. "Ṣé ilé yẹn ṣì wà?" nìkan kò tó, pàápàá tó bá ní ju ilé kan lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàsán o, mà. Mo rí ìkéde ilé oníyàrá méjì yín ní Bódìjà. Ṣé ó ṣì ṣófo? Èmi àti ìyàwó mi la fẹ́ gbé ibẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án. Ṣé a lè wá wò ó ní Sátidé láàárín aago 10 sí 12, tàbí ní Túsìdeè lẹ́yìn aago 5? Ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí owó ilé, èló ni owó àdéhùn àti ti ajẹ́ńtì?"

Àkókò méjì tí ẹ dá yìí ló ṣe pàtàkì jù: onílé á kàn mú ọ̀kan ni. Ìbéèrè owó náà ṣe kókó, torí àfikún wọ̀nyẹn kì í sábà hàn nínú ìkéde.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ilé má bàa bọ́, tí wọn kò sì fẹ́ sọ orúkọ àdúgbò, ẹ má san kọ́bọ̀.